Nọ́ńbà gígùn: báwo la ṣe ń gé e ní mẹ́tamẹ́ta kí ẹni tó ń gbọ́ má bàa kọ nǹkan mìíràn?

Ohùn_Ìwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì kan sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún àwọn tí kò ríran, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò yọ mí lẹ́nu, nọ́ńbà ni. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi kọ́mà síbì kankan, ńṣe ni fígọ̀ kàn tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlà èèrà.

Èyí àkọ́kọ́ ni iye mítà tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí ní 2012 fún ìwọ̀n jíjìnnà ayé sí oòrùn: 149597870700. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òsì, mo ń gé e ní mẹ́tamẹ́ta, ó sì jáde geere: 149, 597, 870, 700. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Mo wá dé orí èyí tó tẹ̀ lé e, iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń kà sí ọdún kan: 31557600. Mo gé e lọ́nà kan náà, ó di 315, 576, 00. Òdo méjì ṣẹ́ kù tí kò ní ẹnì kẹta. Mo fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan, kò sì sí bí ọjọ́ 365 àti ìdá kan nínú mẹ́rin ṣe lè sọ ọ́ di mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Nítorí náà mo mọ̀ pé mo ti ṣì í, àmọ́ n kò mọ ibi tí mo ti ṣì í.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ẹ̀kẹta, iye mítà tí èèyàn máa rìn bó bá tọ ìlà agbedeméjì yí ayé po: 40075017. Mo kà á fún ẹni tó ń bá mi tẹ́tí, mo ní kó kọ ohun tó bá gbọ́. Ó kọ 407517. Ó gbọ́ ogójì, ó gbọ́ márùndínlọ́gọ́rin, ó gbọ́ mẹ́tàdínlógún, ó sì kọ wọ́n mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti kúrò lójú ọ̀nà?

Ìyá_Tíṣà

Ẹ kú làálàá. Oríire ló gbé yín já nínú ti àkọ́kọ́. Fígọ̀ méjìlá ló wà níbẹ̀, méjìlá sì ṣeé pín ní mẹ́tamẹ́ta láìṣẹ́ kù, nítorí náà ibi yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ojú kan náà ni ìlà máa bọ́ sí. Èkejì ní fígọ̀ mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni ọ̀tún àti òsì ti pín yà.

Ọ̀tún la ti ń gé e, òsì la ti ń kà á. Fígọ̀ tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún mọ ipò rẹ̀, ẹyọ ni, bí nọ́ńbà náà ṣe wù kó gùn tó. Èyí tó wà lápá òsì kò lè mọ ipò tirẹ̀ títí a ó fi ka iye àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ọ̀wọ́ tó wà lápá òsì pátápátá nìkan ló láǹfààní láti ní fígọ̀ kan tàbí méjì. Gbogbo ọ̀wọ́ yòókù gbọ́dọ̀ pé mẹ́ta. Ìgbà tí ẹ rí òdo méjì tó dá wà lápá ọ̀tún yẹn, ohun tó ń sọ fún yín nìyẹn.

Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e lé òdo tó kẹ́yìn nínú 31557600, kí ẹ máa kà bọ̀ sẹ́yìn. Òdo, òdo, mẹ́fà: ẹ fa ìlà. Méje, márùn-ún, márùn-ún: ẹ fa ìlà. Ohun tó kù ni 31.

31 | 557 | 600

Ìlà àkọ́kọ́ láti ọ̀tún ni ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, èkejì ni ti mílíọ̀nù, ẹ̀kẹta ni ti bílíọ̀nù, ẹ̀kẹrin ni ti tírílíọ̀nù. Ìlà méjì ló wà níbí, a jẹ́ pé mílíọ̀nù la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo kíka ìlà yẹn. Nínú èdè wa, a sábà máa ń pe orúkọ ọ̀wọ́ kí a tó pe iye tó wà nínú rẹ̀. "Mílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gbọ̀n" la ń wí, mílíọ̀nù ló ṣáájú. Ẹni tí kò bá tíì ka ìlà tán kò tíì mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, n kì í jẹ́ kí wọ́n la ẹnu kí lẹ́ẹ̀dì tó dé apá òsì.

Bí a ó ṣe ka tiyín nìyí: mílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, àti ẹgbẹ̀ta.

Káńkíá

Fífa ìlà ti pọ̀ jù. Ẹ ka iye fígọ̀, kí ẹ fi 3 pín in, èsì ló máa sọ orúkọ fún yín. 12 tí a fi 3 pín jẹ́ 4, bílíọ̀nù. 9 jẹ́ 3, mílíọ̀nù. 6 jẹ́ 2, ẹgbẹ̀rún. Ohun tí mo ń lò láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Ohùn_Ìwé

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n Káńkíá, mo gbìyànjú tiyín lórí 31557600. Mẹ́jọ tí a fi mẹ́ta pín jẹ́ méjì, ó ṣẹ́ ku méjì. Ṣé ẹgbẹ̀rún ni kí n wá pè é ni? Ìyá_Tíṣà ní mílíọ̀nù ni.

Ìyá_Tíṣà

Káńkíá ọmọ mi, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Gbogbo àpẹẹrẹ tí o mú ló pín geere, ìdí nìyẹn tí kò fi já ọ kulẹ̀. Ìṣẹ́kù náà jẹ́ ọ̀wọ́ kan fúnra rẹ̀. Mẹ́jọ ní ọ̀wọ́ méjì tó pé, pẹ̀lú ọ̀wọ́ kan tí kò pé níwájú, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ó sì bọ́ sí mílíọ̀nù. Ohun tó dára nínú ọgbọ́n tìrẹ ni pé ìṣẹ́kù yẹn tún ń sọ iye fígọ̀ tó wà nínú ọ̀wọ́ iwájú. Ó ṣẹ́ ku méjì, fígọ̀ méjì ló wà níwájú, 31. Bó bá ṣẹ́ ku kan, fígọ̀ kan. Bí kò bá ṣẹ́ ku rárá, mẹ́ta gbáko.

Káńkíá

Mo gbà, mà. Mo ti ń gbàgbé ọ̀wọ́ tí kò pé yẹn láti ọjọ́ yìí, bóyá nítorí pé nọ́ńbà tí ojú mi ti mọ̀ ni mo sábà máa ń kà.

Màmá_Dámi

Ẹ kú ìjíròrò. Ohun tó ń dà mí láàmú náà nìyí. Nọ́ńbà fóònù ọmọ mi ní fígọ̀ mọ́kànlá, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá gé e láti ọ̀tún, òdo àti fígọ̀ kan ló máa dá wà níwájú. Ṣé bílíọ̀nù ni kí n wá máa pè é fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ́?

Alákọsílẹ̀

Rárá o, Màmá. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye ohunkóhun. A kò lè ròpọ̀ fóònù méjì kó ní ìtumọ̀. Orúkọ ni, fígọ̀ la fi kọ ọ́. Ẹ pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹni tó ń kọ ọ́ lè bá yín lọ. Òdo iwájú yẹn gan-an ló ń fi í hàn. Nínú iye, òdo kì í ṣíwájú, nítorí kò wúlò níbẹ̀. Nínú fóònù, bí ẹ bá yọ ọ́, ìpè lè má lọ mọ́. Bákan náà ni nọ́ńbà ìdánwò àti nọ́ńbà ìdánimọ̀. Nínú ohun tí à ń sọ níbí, a fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó.

Màmá_Dámi

Ó ti yé mi. Ẹ ṣé, ọmọ mi.

Àgbà_Òǹkà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tó mú kí mẹ́tamẹ́ta yìí máa há sí wa lọ́nà ọ̀fun ni pé òǹkà àwọn bàbá wa kò tọ ọ̀nà yẹn. Igba ni wọ́n fi ń gun òkè. Ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún fúnra rẹ̀ ni igba márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹgbàá, tó jẹ́ 2,000, lẹ́yìn náà ọ̀kẹ́, tó jẹ́ 20,000. Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan nínú igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ tó dúró lẹ́bàá kọ́mà. Bí ẹ bá ní kí n ka 75,000 bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàájọ ni, ìyẹn 60,000 àti 15,000. Ó péye, ó sì dùn létí. Mo rò pé ọ̀nà yẹn ló yẹ kí Ohùn_Ìwé lò, nítorí Yorùbá ló ń ka ìwé náà sí.

Ìyá_Tíṣà

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ̀rù ohun kan ló ń bà mí. Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàájọ" gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò nínú orí kó tó lè kọ 75,000. Fún nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó dára. Fún nọ́ńbà tó ní ọ̀wọ́ mẹ́rin, nígbà tó bá fi rò ó tán, olùkà á ti kọjá. Mẹ́tamẹ́ta wúlò nítorí pé ohun tí ẹnu ń pè àti ohun tí ọwọ́ ń kọ jọ ń rìn ni. Ẹ pe ọ̀wọ́ kan, ó kọ fígọ̀ mẹ́ta. Ẹ pe òmíràn, ó kọ mẹ́ta sí i.

Àmọ́ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, òǹkà tiyín náà la ṣì ń lò, bàbá. Irinwó, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Kọ́mà nìkan la kò jẹ́ kó rékọjá.

Àgbà_Òǹkà

Mo gbọ́. N kò tíì gbà pátápátá, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ẹ ń sọ nípa ọwọ́ tó ń kọ.

Alákọsílẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sílẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ó kan nọ́ńbà ẹ̀kẹta Ohùn_Ìwé gan-an.

Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan dìde nípàdé, ó ka iye igi tí wọ́n ti gbìn: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé márùn-ún." Mo kọ 205,000. Akápò tó jókòó tì mí kọ 200,005. Etí wa kò di. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ tún un kà síra yín létí, ẹ ó rí i pé ó gba méjèèjì. Ṣé igba ni márùn-ún yẹn fi lé, kí ẹgbẹ̀rún jẹ́ lọ́nà 205? Àbí orí gbogbo ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náà ni márùn-ún jókòó lé? Igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló wà láàárín ìdáhùn méjèèjì. Nígbà tí a béèrè, 205,000 ni. Ìyẹn kò fi hàn pé mo mọ̀ ju akápò lọ, mo kàn bọ́ sí i ni.

Láti ọjọ́ náà mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ka nọ́ńbà fún mi pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. "Ó lé" kì í jáde kúrò nínú ọ̀wọ́. Láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì, ẹ mí, kí ẹ sì fi "àti" sí èyí tó kẹ́yìn. Nítorí náà 205,000 ni "ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé márùn-ún, géérégé". 200,005 ni "ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, àti márùn-ún". Mo máa ń fẹ́ "géérégé" yẹn nígbà tí òdo mẹ́ta bá parí rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé kò sí ohun tó ń bọ̀ mọ́.

Ohùn_Ìwé, ẹ jẹ́ kí a mú 40075017 wá. Ẹ gé e láti ọ̀tún:

40 | 075 | 017

Ẹ wo òdo tó wà níwájú 75 àti èyí tó wà níwájú 17. Ẹnu kì í pè wọ́n, ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ wọ́n. Ibi tí ẹni tó ń bá yín tẹ́tí ti ṣì í nìyẹn, ó kọ ohun tó gbọ́ nìkan. Ẹ sọ fún un pé bó bá ti kọjá ọ̀wọ́ iwájú, àpótí mẹ́tamẹ́ta ló ń kún. Kó fa àpótí mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pe ẹgbẹ̀rún. Bí iye tó gbọ́ kò bá kún àpótí, kó fi òdo dí i láti òsì. Márùndínlọ́gọ́rin di 075. Mẹ́tàdínlógún di 017.

Kíkà rẹ̀: "Mílíọ̀nù lọ́nà ogójì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rin, àti mẹ́tàdínlógún." Bí ẹ bá fi "ó lé" sí ìparí yẹn dípò "àti", ẹlòmíràn lè ro 75 pọ̀ mọ́ 17 kó sì kọ 40,092,000.

Káńkíá

Ṣé "ogójì mílíọ̀nù" kọ́ ni gbogbo èèyàn ń sọ?

Alákọsílẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, ogún, ọgbọ̀n, ogójì máa ń ṣíwájú, bí a ṣe ń sọ ogójì ọdún. N kò ní ṣe àtúnṣe fún ẹni tó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń kọ, mo fẹ́ kí orúkọ ọ̀wọ́ ṣíwájú nígbà gbogbo, kí ọwọ́ ti múra sílẹ̀.

Ayéníka

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè Jámánì ni mo ń gbé, níbí kọ́mà àti pọ́ìntì ti gba ipò ara wọn. Ìwé àwọn ará ibí máa kọ ìyípo ayé ní kìlómítà báyìí: 40.075,017. Ìwé tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì máa kọ ọ́ báyìí: 40,075.017. Nọ́ńbà kan náà ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí 40.075 nínú ìwé kan, mo kà á sí ogójì àti díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì àti márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ohun tí mo fi ń mọ̀ ọ́n nìyí. Bí àmì kan bá jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nọ́ńbà kan, àmì tó ń pín ọ̀wọ́ nìyẹn, nítorí ibi tí odidi ti parí kì í ju ẹyọ kan lọ. Bí àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá wà, èyí tó wà lápá ọ̀tún jù ni ó ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá. Bí fígọ̀ tó tẹ̀ lé àmì náà kò bá pé mẹ́ta tàbí tó ju mẹ́ta lọ, kì í ṣe ọ̀wọ́. Èyí tí n kò rí ọgbọ́n dá sí ni àmì kan ṣoṣo tí fígọ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé, bíi 40.075 yẹn. Nǹkan tí wọ́n ń wọ̀n nìkan ló lè sọ fún yín níbẹ̀. Ayé kì í ṣe kìlómítà ogójì yípo.

Ìyá_Tíṣà

Wàhálà yẹn gan-an ló mú kí ìpàdé gbogbogbòò àgbáyé lórí ìwọ̀n sọ ní 1948, kí wọ́n sì tún un sọ ní 2003, pé àlàfo ni kí a fi pín ọ̀wọ́ mẹ́tamẹ́ta, kí a má fi kọ́mà tàbí pọ́ìntì sí àlàfo náà. Ẹ máa rí i nínú ìwé sáyẹ́ǹsì: 40 075 017. Bí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìparí ìlà tí apá kan rẹ̀ sì bọ́ sí ìlà kejì, ojú lè rò pé nọ́ńbà méjì ni. Ẹ máa wo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó dánu dúró.

Ohun kan sí i, Ohùn_Ìwé, bí pọ́ìntì bá wà, ẹ má fi ọ̀wọ́ mẹ́tamẹ́ta ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni: pọ́ìntì, òdo, ení, èje.

Ayéníka

Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ayé ló ń gé e ní mẹ́tamẹ́ta. Ẹnì kan láti Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ 1,00,00,000 sí mi. Mo rò pé ó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní kò ṣì í. Mẹ́ta àkọ́kọ́ láti ọ̀tún, lẹ́yìn náà méjìméjì. Nọ́ńbà náà jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní fún un. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ìwé yín, ẹ pa kọ́mà rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún un gé láti ọ̀tún.

Ohùn_Ìwé

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo padà sídìí iṣẹ́ lánàá. Mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí gbogbo nọ́ńbà inú orí ìwé kan kí n tó tan ẹ̀rọ. Mo ka 40075017 bí Alákọsílẹ̀ ṣe wí, mo sì ní kí ẹni tó ń tẹ́tí fa àpótí. Ó kọ ọ́ láìṣì í. Mo ka ti ọdún, ó gbà á.

Mo wá ka ti ayé sí oòrùn, èyí tí mo rò pé kò ní wàhálà. 149 | 597 | 870 | 700. Mo ní: "Bílíọ̀nù mọ́kàndínláàádọ́jọ, mílíọ̀nù lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́rin, àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin." Ó kọ 149,697,870,800. Àpótí pé, kọ́mà wà níbi tó yẹ, síbẹ̀ fígọ̀ méjì ti yí. Mo gbọ́ ohùn ara mi padà, mo rí i pé mo sáré pe "ẹ̀ẹ́dẹ́". Ó gbọ́ ẹgbẹ̀ta níbi tí mo ti sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó gbọ́ ẹgbẹ̀rin níbi tí mo ti sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Àgbà_Òǹkà

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n òǹkà wa ti ń béèrè ẹnu tó là. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ẹgbẹ̀ta tí a mú ọgọ́rùn-ún kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni ẹgbẹ̀rin tí a mú ọgọ́rùn-ún kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni 900, èyí tó tún burú jù, nítorí bí "ẹ̀ẹ́dẹ́" bá sọnù, ẹgbẹ̀rún ló kù, ìyẹn orúkọ ọ̀wọ́ gan-an. Bí o bá sọ pé "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún" tí ẹnu rẹ kò sì là, ẹni tó ń gbọ́ lè rò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni, kó kọ mílíọ̀nù kan. Fa ohùn "ẹ̀ẹ́" yẹn gùn kí o tó dé "dẹ́". Àwa àgbà a máa fà á, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lẹ ń gé e.

Alákọsílẹ̀

Ohun tí bàbá sọ bọ́ sí i. Tèmi, bí mo bá rí i pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn wà nínú nọ́ńbà, mo máa ń ní kí wọ́n pe fígọ̀ ọ̀wọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn kíkà. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún: àrún, ẹ̀sán, èje." Ó gùn díẹ̀ sí i, àmọ́ kò sí ẹni tó lè gbọ́ àrún kó kọ mẹ́fà.

Ohun mìíràn tún wà nípa "dín" kí n tó gbàgbé. Ìyára ìmọ́lẹ̀ jẹ́ mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dájú pé ó wà nínú ìwé yín. Ẹ má sọ pé "mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún dín kan". Ẹlòmíràn máa mú ẹyọ kan kúrò lára mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, yóò sì kọ 299,999,999 kí ẹ tó dé ọ̀wọ́ kejì. Ẹ ní "mílíọ̀nù lọ́nà igba ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún". "Dín" tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bíi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kò léwu. "Dín" tó dá dúró ló ń fa ìjà.

Ìyá_Tíṣà

Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 149 ń kọ́? Ohùn_Ìwé ní mọ́kàndínláàádọ́jọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó kúrú. Àmọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kò mọ àádọ́jọ mọ́, 150 ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá sọ pé ọgọ́rùn-ún ó lé mọ́kàndínláàádọ́ta, ọwọ́ wọn á sáré kọ ọ́.

Àgbà_Òǹkà

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ àádọ́jọ. Bí olùkọ́ kò bá lò ó, ibo ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ?

Ìyá_Tíṣà

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ìwé yìí kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Káńkíá

Ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí ọ̀wọ́ àárín bá jẹ́ òdo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Ká ní 40,000,017 ni.

Alákọsílẹ̀

Bí ìwé ni ẹ ń kà fún ẹni tó ń gbádùn rẹ̀, ẹ fò ó: "Mílíọ̀nù lọ́nà ogójì, àti mẹ́tàdínlógún." Bí ẹnì kan bá ń kọ, èmi a máa fẹ́ gbọ́ "kò sí ẹgbẹ̀rún" láàárín, kí n lè fi 000 kún àpótí láìronú.

Ìyá_Tíṣà

Èmi kò fara mọ́ kí wọ́n máa pe ohun tí kò sí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún ló yẹ kó tẹ̀ lé mílíọ̀nù, tí kò sì gbọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó fi òdo mẹ́ta síbẹ̀.

Ohùn_Ìwé

Mo máa kà á ní ọ̀nà méjèèjì fún ẹni tó ń bá mi tẹ́tí, kí n wo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ máa gbà. Mo ti tún ti oòrùn kà ní òwúrọ̀ yìí, mo fa "ẹ̀ẹ́" gùn bí bàbá ṣe wí, mo sì pe àrún, ẹ̀sán, èje lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ 149,597,870,700. Ó ku nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún nínú orí yẹn.